Ẹ má fi owó kọ́ṣọ̀n ayálégbé kun ilé yín

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ayálégbé mi ní Ṣàgámù máa kó jáde ní ìparí oṣù yìí, ó ti lo ọdún mẹ́ta. Owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kéátékà mi ní ọ̀dà ti ṣá, ilé ti dọ̀tí, kí n má dá kọ́bọ̀ kan padà. Kánádà ni mo wà. Kí ni mo lè yọ, báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un?"

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá kéátékà yín lóhùn. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín ni àyà mi já, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún yín gan-an ni àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá, sọ fún mi nípa ilé wa ní Mọ̀lípà, Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gbà fún wọn, owó tí mo sì pàdánù ju owó kọ́ṣọ̀n yẹn lọ.

Ilé oníyàrá méjì ni, 360,000 náírà lọ́dún. Kọ́ṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ 150,000. Ọkùnrin tó yá a gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kò sì jẹ owó ilé rí. Nígbà tó fẹ́ kó jáde, Bàbá kọ ìwé kan fún un: "Àtúnṣe ilé, 150,000. Kò sí ohun tó kù." Ìlà kan péré. Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní ọjọ́ tí a bá sọ ohun tí òun bàjẹ́ ni òun máa dá kọ́kọ́rọ́ padà. Oṣù mẹ́rin ni ilé fi wà ní títì. 120,000 owó ilé ti lọ nìyẹn. Lọ́yà gba 70,000 láti kọ lẹ́tà tí ọkùnrin náà kò fèsì sí. Ìyẹn jẹ́ 190,000 tí mo ná nítorí 150,000. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ já ilẹ̀kùn. Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì fi ilé sílẹ̀ fún yín, ẹ lè sọ ara yín di ẹlẹ́jọ́.

Ọ̀dà ló fa gbogbo rẹ̀. Bàbá ti pe péńtà, péńtà sọ pé 180,000 ni láti kun gbogbo ilé, Bàbá wá rí i pé iye yẹn ju kọ́ṣọ̀n lọ, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ sí èyí tó ti parí. Níbí ni gbogbo wa ti máa ń ṣìnà. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé ṣáájú kí ọkùnrin yẹn tó wọlé kò lè wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. A máa ń kun ilé yẹn ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ìbáà gbé ibẹ̀. Ṣíṣá ọ̀dà, ojú ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì, ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú tó máa ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri nígbà òjò, owó ilé tó ń san lọ́dọọdún ti kó gbogbo ìyẹn mọ́ra. Bí ẹ bá gba owó ọ̀dà tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba owó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì fẹ́ kó ra ilé tuntun fún yín dípò èyí tó ti gbó díẹ̀ kó tó dé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí ìṣirò tó gbà mí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2007 ni òfin ti ní kí onílé níbí fi owó ìdógò ayálégbé sábẹ́ ètò ìtọ́jú tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìjà bá dé, onílé ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, torí owó ayálégbé ṣì ni. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé: ọdún mélòó ni nǹkan yìí ti lò, ọdún mélòó ló yẹ kó lò, ìyà wo ni ayálégbé fi jẹ ẹ́ ju lílò lásán lọ? Ìgbà tí èmi náà jẹ́ ayálégbé ní Máńṣẹ́sítà ni ìbéèrè yẹn gbà mí lọ́wọ́ onílé mi nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Òfin yẹn kò dé Ṣàgámù o. Òfin ìyáwólé Èkó ti ọdún 2011 tí gbogbo èèyàn ń mẹ́nu bà kò dé ibẹ̀ náà, torí Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Rẹ́mọ wà. Ohun tó wà nínú àgíríìmẹ́ǹtì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn dára níbikíbi.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, èmi fúnra mi pe ọkùnrin náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí òun àti Bàbá pàdé nínú ilé ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n fi fídíò Wásáàpù hàn mí láti yàrá dé yàrá. A tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Ọ̀dà gbogbo ilé: òfo, mi ò gba nǹkan kan. Àmọ́ ó ti lu ihò 12 sí ògiri kan ní pálọ̀ nítorí tẹlifíṣọ̀n, sìmẹ́ǹtì ti ya níbẹ̀. Péńtà ní 8,000 ni dídí ihò, 16,000 ni kíkun ògiri kan yẹn. Mo yọ 8,000 odindi, torí sìmẹ́ǹtì ògiri kì í gbó ní ọdún mẹ́ta. Ti ọ̀dà, ọdún mẹ́ta ló ti lò nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù, nítorí náà 4,000 ni mo yọ. Àpapọ̀ 12,000.

Béésìnì ìfọwọ́ ti sán. Títún un ṣe jẹ́ 45,000 pẹ̀lú owó púlọ́ńbà. Ọdún márùn-ún ni béésìnì náà ti lò, mo sì ka ọjọ́ ayé rẹ̀ sí ọdún 15, nítorí náà mo kọ ìdá méjì nínú mẹ́ta, 30,000.

Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya: òfo, wọ́n ti gbó kó tó dé. Àbàwọ́n omi lórí sílíìnì yàrá kejì, tí Bàbá ti bu 25,000 lé lórí: òfo. Òrùlé wa ló ń jò! Ọkùnrin náà tilẹ̀ ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá lẹ́ẹ̀mejì nígbà òjò. Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Kíkó ìdọ̀tí tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé: 5,000, odindi.

Iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ níbí. Bíìlì tí ọ́fíìsì iná kọ jẹ́ 18,500. Gbèsè iná kì í tẹ̀lé ayálégbé, orúkọ ilé ló máa ń jẹ, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ló máa bá a níbẹ̀. Torí náà Bàbá ní kó san gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n béèrè bíìlì oṣù tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ kí ẹni tó wà ní kántà tó tẹ àkọsílẹ̀ jáde fún wọn. Lọ́jọ́ kìíní ó ní kí onílé wá fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó ní ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Inú ń bí mi títí di òní. Nígbà tó jáde, a rí i pé 6,500 ti wà nílẹ̀ láti ọwọ́ ayálégbé àtijọ́. 12,000 ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà alákáàdì ni tiyín, ẹ ní kí wọ́n ra iná díẹ̀ lójú ayálégbé: bí gbèsè bá wà lórí mítà, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú owó náà, ẹ ó sì rí i pé iná tó wọlé kò tó iye tí wọ́n san.

Àpapọ̀ wá di 59,000, èyí tí mo máa dá padà di 91,000. Mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì fún un ní ọjọ́ méje láti tako èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí mo ṣe kọ ọ̀kan nìyí, kí ẹ rí i: "Ògiri pálọ̀. Nígbà tí ẹ wọlé, kò sí ihò. Nísinsìnyí, ihò 12, ẹ wo fọ́tò kejì. Dídí ihò 8,000, ọ̀dà ògiri kan 16,000. Ọ̀dà ti lo ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo gbé ka yín lórí. Ẹ ó san 12,000. Rìsíìtì péńtà wà nísàlẹ̀." Mo kọ àwọn tó jẹ́ òfo náà sí i, pẹ̀lú ìdí tí mo fi yọ̀ǹda wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó gba ìyókù gbọ́, òun ló sọ ọ́ fún mi. Mi ò dúró de ọjọ́ méje kí n tó san 91,000, torí kò sí ìjà lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti inú fóònù rẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ tó kó wọlé. Béésìnì yẹn ti ní ìlà tó sán tín-ín-rín lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. A kò ní fọ́tò kankan tiwa tí a lè fi dá a lóhùn. Mo fa 30,000 yẹn rẹ́, mo sì san án fún un. Gbogbo ohun tí mo yọ wá jẹ́ 29,000, ó gba 121,000. Ní ọ̀la rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ Bàbá.

Tiyín kò tíì bàjẹ́, ayálégbé yín ṣì wà nínú ilé. Ẹ ní kí kéátékà yín àti òun rìn yíká ilé pọ̀ ṣáájú kó tó kó ẹrù, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ohun tí wọ́n rí. Ẹ má jẹ́ kí péńtà tó máa gba iṣẹ́ náà nìkan dá iye. Iye péńtà kejì kò ju ìpè kan lọ. Kí ẹ sì bi ayálégbé yín lónìí bóyá ó ní fọ́tò ìgbà tó wọlé, torí bí ó bá ní in, ó sàn kí ẹ rí i kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí ẹ kò lè fi hàn pé ó wà ní pípé nígbà tó wọlé, ẹ má yọ owó lórí rẹ̀.