Ẹnìkan kì í ní 41 nínú 40

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ wa ní tẹ́ẹ̀sì àti asáínmẹ́ǹtì jẹ́ 40, ìdánwò jẹ́ 60. Tẹ́ẹ̀sì kìíní mo gba 18 nínú 30, ìkejì 15 nínú 20, asáínmẹ́ǹtì 8 nínú 10. Ó ti di 41. Ṣé 29 péré ló kù kí n tó gba A? Ìbéèrè mẹ́rin la máa dáhùn, 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé mo lè fi ọ̀kan sílẹ̀?"

Rárá o, àbúrò. 43 nínú 60 ni kí o fi sọ́kàn. Wo ohun tí o kọ: 40 ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ìwọ wá ní 41. Ẹni tó gba gbogbo rẹ̀ láìṣì ẹyọ kan kò lè ní 41. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ara fu ẹ́. Irú ìṣirò yìí ti dá mi lóró rí, nítorí náà màá rọra tú u, kódà bí o bá rò pé o ti mọ̀ ọ́n.

Máàkì inú 30, máàkì inú 20 àti máàkì inú 10 kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó ra gàrí kóńgò méjì àti dẹ́ríkà mẹ́ta lọ́jà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà kò lè délé kó ní márùn-ún lòun rà. Márùn-ún kí ni? O ní láti sọ gbogbo rẹ̀ di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kí o tó rò ó pọ̀. Tìrẹ tí o rò pọ̀ yẹn, 41 nínú 60 ni, nítorí 30 àti 20 àti 10 jẹ́ 60.

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùkọ́ máa ń gbà sọ ọ́ di 40. Àwọn kan á pín 40 yẹn fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí àpẹẹrẹ 15 fún tẹ́ẹ̀sì kìíní, 15 fún ìkejì, 10 fún asáínmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀:

18 ÷ 30 × 15 = 9
15 ÷ 20 × 15 = 11.25
8 ÷ 10 × 10 = 8

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28.25. Àwọn mìíràn ò ní láákàyè tó bẹ́ẹ̀ lára. Wọ́n á kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì sún un wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: 41 ÷ 60 × 40, èyí tó jẹ́ 27.33. Ó yẹ kí ìwé tí wọ́n ń pín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n máa lò, àmọ́ o lè ka ìwé náà látòkè délẹ̀ kí o má rí i. Tí o bá sì lọ béèrè, "lọ kàwé ẹ" ni wọ́n á fi dá ẹ lóhùn, bíi pé ẹni tó fẹ́ mọ ìṣirò máàkì rẹ̀ ni kì í kàwé. Ṣáà béèrè. Bí wọn ò bá dáhùn, èyí tó kéré jù ni kí o mú.

Ìyókù ò le. Máàkì A bẹ̀rẹ̀ láti 70. Yọ ohun tí o ti ní kúrò nínú 70: 41.75 ló kù lọ́nà àkọ́kọ́, 42.67 lọ́nà kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní 43. Má gbọ́kàn lé pé wọ́n á bá ẹ sọ 69.5 di 70. Àwọn kan máa ń ṣe é, àwọn kan á gé ìdá náà dànù, wọ́n á kọ 69, B nìyẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé e látorí tẹ́ẹ̀sì, 11.25 rẹ á ti di 11 kí o tó wọ yàrá ìdánwò.

Bí wọ́n bá máàkì ìwé ìdánwò náà lórí 100 kí wọ́n tó sún un wálẹ̀ sí 60, 43 yẹn á di 72 nínú 100. O lè fi Excel orí fóònù ṣe é: kọ 70 sí àpótí B1, máàkì tí o ti ní sí B2, 60 sí B3, kí o wá tẹ èyí sí àpótí mìíràn:

```
=(B1-B2)/B3*100
```

Pẹ̀lú 28.25, á fún ẹ ní 69.58. Tó bá jẹ́ 6958.33 lo rí, 60% lo tẹ̀ sí B3 dípò 60. Tí iye tó jáde bá ju 100 lọ, máàkì A ti bọ́ nínú kọ́ọ̀sì yẹn. Ẹni tí kò tíì ní 10 nínú 40 kò lè dé 70 mọ́, bó tilẹ̀ gba 60 nínú 60.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń ká mi lára jù. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé máàkì rẹ wà nínú ìwé olùkọ́. Ká ní wọn ò kọ asáínmẹ́ǹtì rẹ sílẹ̀. 8 péré ni, àbí? 28.25 á di 20.25, wàá sì nílò 49.75 nínú 60, ìyẹn 83 nínú 100 dípò 70. Ẹyọ máàkì kan tó bá sọnù ṣáájú ìdánwò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba máàkì méjì lọ́wọ́ ẹ nínú ìdánwò tí wọ́n bá máàkì lórí 100. Ẹni tó sọ ọ́ nù kò ní jìyà. Ìwọ tí o fi í lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n á ní kó o mú ẹ̀rí wá. Nítorí náà, ya fọ́tò tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá dá padà fún ẹ, kí máàkì àti nọ́ńbà rẹ hàn. Bí o bá sì fẹ́ fi asáínmẹ́ǹtì lé olùkọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Iye tí wọ́n ń gbà fún ẹ̀dà ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ níbí kò tó nǹkan. Kí wọ́n tó lẹ èsì ìdánwò ni kí o lọ wo máàkì tẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti dé orí pótàlì, ìwé ẹ̀bẹ̀ lo máa máa kọ kiri ọ́fíìsì.



Ó kù ìbéèrè tí o fẹ́ fi sílẹ̀, mo ti ń gbàgbé. Tí o bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 43 pín sí mẹ́rin jẹ́ 10.75, ìyẹn 11 nínú 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá fi ọ̀kan sílẹ̀, 45 ni gbogbo ohun tó kù, o sì ń wá 43 nínú rẹ̀: máàkì méjì péré lo lè pàdánù nínú ìbéèrè mẹ́ta. Kọ nǹkan sí ìkẹrin. Bí o bá rí 5 péré níbẹ̀, 38 nínú 45 ló kù tí o máa wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. B ní tiẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti 60, kò ju 33 nínú 60 lọ, ìyẹn 11 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé mẹ́ta yẹn nìkan lo lè kà kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, B lo ń kà fún.