"Màmá yín rìnrìn àjò": ohun tó yẹ kí bàbá sọ fún ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà. Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mo ti kọ ìyá àwọn ọmọ mi sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì sọ ọ́. Ó ti lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìwó. Ọmọ mẹ́ta la bí: obìnrin ọmọ ọdún 15, ọkùnrin ọmọ ọdún 9 àti àbíkẹ́yìn ọmọ ọdún 4. Ìyá mi sọ fún wọn pé ó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Alaalẹ́ ni àbíkẹ́yìn ń bèèrè rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú irọ́ tí a fi ń tu ọmọ nínú? Kí ni kí n sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn?

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàlámù. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àbúdùláhì ọmọ Àmírù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó wà nínú hádíìsì tí Àbú Dáwúùdù gbà wá. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jókòó nínú ilé wọn, ìyá rẹ̀ wá pè é pé, "Máa bọ̀, n ó fún ọ ní nǹkan." Ànábì bi obìnrin náà léèrè pé kí ló fẹ́ fún ọmọ náà. Ó ní dàbínù ni. Ànábì ní, bí kì í bá ṣe pé ó fún un ní nǹkan ni, wọn ìbá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti kéré tó, hóró dàbínù tí à ń fi pe ọmọ! Lóòótọ́, hádíìsì wà nínú ìwé Mùsílímù pé ibi mẹ́ta ni wọ́n ti fàyè sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ irọ́: lójú ogun, láti tún àárín àwọn tó ń jà ṣe, àti ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ọkọ àti ìyàwó. Màmá yín lè sọ pé àtúnṣe lòun ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jà là ń tún àárín wọn ṣe, àwọn ọmọ yín kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ wo irú irọ́ tí wọ́n mú. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá kú, kí la máa ń sọ fún ọmọdé? A máa ń sọ pé ó rìnrìn àjò. Ọmọ ọdún 9 ti gbọ́ ọ rí nígbà tí bàbá àgbà ẹnì kan kú ní àdúgbò, ó sì mọ ibi tí ìrìn àjò yẹn parí sí. Ó ṣeé ṣe kó ti máa rò ó lọ́kàn pé ìyá òun ti kú, kó má sì fẹ́ bèèrè.

Mo ní ọmọ kan nílé kéwú mi rí, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ti sọ fún un pé Mẹ́kà ni ìyá rẹ̀ wà. Nígbà tí àwọn alálàájì àdúgbò wa fẹ́ gbéra, ó mú igba náírà wá bá mi pé kí n fún wọn kí wọ́n bá òun fi ra nǹkan fún ìyá òun níbẹ̀. Ìlú kejì sí tiwa ni obìnrin náà ń gbé. Ọmọ náà pàdé rẹ̀ níbi wòlímọ̀, níbi tó ti ń bu oúnjẹ fún àlejò. Mo rò pé yóò bèèrè ibi tó ti wà látìgbà yìí ni. Ohun tó bèèrè lọ́wọ́ mi ni pé, "Ààfáà, ṣé bàbá mi mọ̀?" Látọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá ní ọ̀la lòun yóò san owó ilé ìwé, ọmọ náà á wá bi mí bóyá òótọ́ ni.

Kí ẹ tó pe àwọn ọmọ jókòó, ọ̀rọ̀ kan ṣáájú. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn gan-an? Pé ó ti parí? Kò tíì parí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ sọ ọ́, bó bá sì ṣì wà nínú ìdà, ìyẹn àsìkò tí obìnrin fi ń dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ìyàwó yín ni. Ẹ lè gbà á padà láìsí yìgì tuntun. Kódà, Súrà Tọ̀láákì, áyà àkọ́kọ́, sọ pé kí ẹ má lé wọn jáde kúrò nínú ilé wọn láàárín àsìkò yẹn, kí àwọn náà má sì jáde. Ilé yín ló yẹ kó wà báyìí, kì í ṣe Ìwó. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni kí obìnrin di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àṣà yẹn ló sọ ọ́ di dandan fún màmá yín láti wá irọ́ tí yóò pa.

Àwọn ènìyàn wa máa ń ka oṣù mẹ́ta. Ti obìnrin tí kì í rí nǹkan oṣù mọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń rí i, ìmọ́tótó mẹ́ta ni yóò kà lójú ọ̀nà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé: bí ẹ bá kọ̀ ọ́ nígbà tó wà ní mímọ́ tí ẹ kò sì tíì bá a lò pọ̀ nínú rẹ̀, mímọ́ yẹn jẹ́ ọ̀kan, nígbà tí nǹkan oṣù ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá sì bẹ̀rẹ̀, ìdà ti tán. Fún obìnrin tó ń rí i ní ọjọ́ 28 síra wọn, ó lè tán ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì lè sún mọ́ méjìlá, ọjọ́ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ló ń mú un yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló lè kù fún yín, ó sì lè jẹ́ márùn-ún. Ẹ pè é, kí ẹ bi í. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ la máa gbà. Bó bá lóyún, ọjọ́ ìbí ni ìdà tó parí.

Nítorí náà, òótọ́ tó wà nílẹ̀ lónìí ni pé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, pé ẹ kò tíì mọ ibi tí yóò já sí, àti pé Ìwó ni ìyá wọn wà. "Wọ́n máa padà wá láìpẹ́" jẹ́ irọ́ bíi ti òkè òkun, àfi bí ẹ bá ti pinnu láti gbà á padà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ́kọ́ pè pọ̀, kí ìyá yín náà wà níbẹ̀, bí ìyá wọn bá sì lè wá láti Ìwó, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ pé: "Ohun tí a sọ fún yín nípa òkè òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú. Màmá yín wà ní Ìwó, lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Èmi àti wọn ní èdèkòyédè, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀." Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bàbá tó bá sọ pé "màmá yín ló kó ẹrù rẹ̀ lọ" nígbà tó jẹ́ pé òun ló kọ̀ ọ́ ti fi apá kan òótọ́ bo apá kejì. Ọlọ́hun ní kí á jẹ́rìí òdodo, kódà lórí ara wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 4 kò tíì dé ọjọ́ orí tó ń fi òye mọ ìyàtọ̀. Ọdún 7 ni Ànábì ní kí á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun fún wọn. Kò mọ ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́, kò sì nílò rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ìyá rẹ̀ ń sùn, ẹni tí yóò wẹ̀ fún un, àti ìgbà tí yóò rí i. "Ìwó ni Màmá sùn. Ìyá àgbà ló máa wẹ̀ fún ẹ. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, a máa lọ kí wọn." Ọmọ náà kò mọ ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó mọ Jímọ̀, torí ọjọ́ yẹn lẹ máa ń wọ jàlàbíà fún un. Yóò tún bèèrè lálẹ́ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ fi dáhùn, kí ìyá yín náà sọ bẹ́ẹ̀, torí ọmọdé máa ń gbé ìbéèrè kan káàkiri ilé láti wò ó bóyá ìdáhùn yóò yí padà. Bí ẹ bá sì ti dá Jímọ̀, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀. Dàbínù yín nìyẹn.

Ọmọ ọdún 9 ni mo bẹ̀rù rẹ̀ jù nínú wọn. Ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ máa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí ara rẹ̀ lọ́rùn: ọjọ́ tó fọ́ nǹkan tí ẹ sì bá ìyá rẹ̀ jà nítorí rẹ̀, ó ṣì rántí. Ẹ má dúró kó bèèrè. Ẹ sọ ọ́ ní kedere pé kò sí ohun tó ṣe tó fa èyí, kò sì sí ohun tó lè ṣe láti tún un ṣe. Bó bá bi yín léèrè ìdí, ẹ ní, "Ọ̀rọ̀ àárín èmi àti màmá yín ni, n kò ní sọ ọ́." Ẹ kò purọ́ níbẹ̀. Pípa ọ̀rọ̀ mọ́ yàtọ̀ sí irọ́, yíyí i padà ni irọ́. Ẹ má sì fi í ránṣẹ́ pé "sọ fún ìyá ẹ pé owó kò sí". Ẹ fúnra yín ni kí ẹ pè é.

Ọmọbìnrin ọdún 15 ti bàlágà, ó ti mọ̀ pé òkè òkun kọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ pa irọ́ náà mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì ti ń kọ sílẹ̀ fún òun náà báyìí. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun lọ́tọ̀. Òun lè gbọ́ iye ìkọ̀sílẹ̀ tó ti wáyé, kí ni ìdà, àti pé Ànábì fúnra rẹ̀ kọ Àfúsátù ọmọ Úmárù, ó sì gbà á padà. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ni àṣírí iyàrá yín àti àléébù ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá ń rojọ́ ìyá rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, ẹ sì ti fi í jẹ adájọ́ lórí ẹni tí Ọlọ́hun ní kó ṣe dáadáa sí.

Yóò bèèrè ibi tí wọn yóò máa gbé. Níbí, ẹ ṣọ́ra, torí "bàbá ló lọmọ" tí à ń sọ nílé wa kọ́ ni òfin ẹ̀sìn. Obìnrin kan wá bá Ànábì pé ikùn òun ni ilé ọmọ náà, ọmú òun ni omi rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti kọ òun, ó fẹ́ gba ọmọ. Ànábì ní, "Ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù, níwọ̀n ìgbà tí o kò bá tíì fẹ́ ọkọ." Ní ọ̀nà Màlíkì, ìyá ló ni ìtọ́jú ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Ẹ̀yin ló ni ìnáwó. Bí ìdà bá parí láìgbà á padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bá a lọ sí Ìwó, nítorí náà ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn lónìí pé ilé yín ni wọn yóò wà.

Bí ẹ bá gbà á padà, ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Bí ìdà bá sì tán, lọ́jọ́ náà náà ni kí ẹ sọ ọ́: "Ó ti parí báyìí. Èmi àti màmá yín kì í ṣe tọkọtaya mọ́." Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ bá ìyá wọn fẹnu kò lórí ibi tí wọn yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ìyẹn ni àbíkẹ́yìn yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Ọlọ́hun ló nímọ̀ jùlọ.