Kòkó ń wọ́n sí i, OI ń dínkù: ta ló ń rà á?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń wo fíúṣọ̀ kòkó ti Níú Yọ́ọ̀kì, ìyẹn àdéhùn láti ra tàbí ta kòkó lọ́jọ́ iwájú. Owó rẹ̀ ń gòkè, ṣùgbọ́n OI ń dínkù. Ṣé ìgòkè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?"

Àbúrò, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí owó ṣe ń fi hàn. OI, ìyẹn open interest, kì í ṣe iye tí wọ́n tà lónìí. Iye àdéhùn tó ṣì wà lọ́rùn àwọn èèyàn ni. Bí ẹni tuntun bá rà lọ́wọ́ ẹni tuntun, ó ń pọ̀ sí i. Bí ẹni tó ti tà tẹ́lẹ̀ bá rà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ti jáde, ó sì dínkù. Àwọn tó ń gbé owó sókè níwájú rẹ yẹn, ọ̀nà àbájáde ni púpọ̀ nínú wọn ń wá.

Òwò kòkó ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, ọdún 2024 ló sì là mí lójú. Ní ìparí oṣù Kẹta, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, ní oṣù Kẹrin ó kọjá 11,000, OI sì ń já wálẹ̀. Ká ní oníṣòwò kan ní 50 tọ́ọ̀nù ní sítọ́ọ̀, ó wá ta àdéhùn 5 ní 6,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan kí ọjà tó bá já má bàa pa á lára. Àdéhùn kan jẹ́ 10 tọ́ọ̀nù. Bí owó bá di 7,000, alágbàtà yóò béèrè 50,000 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́ kòkó inú sítọ́ọ̀ náà ti gbówó lórí, ṣùgbọ́n alágbàtà kì í gba àpò kòkó. Bí báńkì kò bá yá a lówó, àfi kó ra àdéhùn rẹ̀ padà. Ríra tipátipá yẹn á tún ti owó sókè, á sì kan ẹlòmíì tí owó ọwọ́ rẹ̀ ti tán. Nígbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá jáde tán, kò ní sí ẹni tí yóò máa rà. Ní àárín oṣù Karùn-ún, owó ti sún mọ́ 7,000.

Ṣùgbọ́n má torí èyí lọ tà ṣáájú o! Ọ̀wọ́n kòkó ní Gánà àti Kódífuà lọ́dún 2024 kì í ṣe irọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, owó tún kọjá 12,000. OI tó kéré ń sọ fún ọ pé àwọn tó wà lọ́jà kò pọ̀, rírà tàbí títà díẹ̀ sì lè gbé owó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò sọ ọjọ́ tí yóò yí.

Kó o tó gbà á gbọ́, àpapọ̀ OI gbogbo oṣù ìparí àdéhùn ni kó o wò, torí oṣù tó ń parí lọ máa ń dínkù fúnra rẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń kó àdéhùn wọn lọ sí oṣù tó kàn. Lẹ́yìn náà, ka ìròyìn `Commitments of Traders` tí CFTC, àjọ tó ń ṣàbójútó ọjà fíúṣọ̀ ní Amẹ́ríkà, ń gbé jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Ipò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà nínú rẹ̀. Bí àdéhùn títà àwọn oníṣòwò kòkó gan-an bá ń dínkù bí owó ṣe ń gòkè, ohun tí mo ṣàlàyé yìí ló ń ṣẹlẹ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kòkó tí mo bá rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í pẹ́ ní sítọ́ọ̀ mi.