Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ àníyàn fún pásítọ̀ láìpa oògùn tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ń lo sẹ́tírálíìnì nítorí àníyàn, hóró kan láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìjọ wa máa wọ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21. Mo fẹ́ sọ fún pásítọ̀ wa, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n dá oògùn dúró. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ lọ bá wọn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí èrò ò sí. Ohun tó ń ṣe ara yín gan-an ni kí ẹ sọ: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, àyà mi máa ń já láìnídìí, mi ò rí oorun sùn, dókítà sì ti fún mi lóògùn. Àdúrà yín ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ oògùn ti wà lọ́wọ́ dókítà." Ẹ má fo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé "ṣé kí n máa lò ó?", ìpinnu tí kì í ṣe tiwọn lẹ gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má sì fi "nǹkan kan ń dà mí láàmú" bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdáǹdè nìyẹn létí pásítọ̀.

Ní ti ààwẹ̀, a lè lo sẹ́tírálíìnì láàárọ̀ tàbí lálẹ́, bóyá a ti jẹun tàbí a ò tíì jẹ. Bí ẹ bá ń ṣínu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ pe dókítà yín kó sọ bí ẹ ó ṣe gbé e síbẹ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìjẹ láìmu ni kí ẹ tọrọ àyè lórí rẹ̀, torí ebi náà máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, kí àyà sì máa lù kìkì. Ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ebi, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ àníyàn.

Ibi tí mo ń bẹ̀rù jù ni ìparí ààwẹ̀ náà. Oògùn yìí lè dá kún ìpayà ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, ìtura rẹ̀ sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó dé. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ara yín yá gẹ́lẹ́ bí ààwẹ̀ bá ń parí, kí ẹnì kan sì ní kí ẹ da oògùn nù. Ẹ jẹ́rìí, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ẹ máa lò ó lọ. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, láàárín ọjọ́ mélòó kan òòyì lè máa kọ́ yín, orí lè máa ṣe bí ẹni tí iná mànàmáná gbé, oorun á dàrú, ẹ̀rù á padà. Àwọn kan á sì ní ọ̀tá ló padà wá. Oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni a máa ń lò ó, nígbà míì ọdún kan, kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí pásítọ̀ bá ṣì kọminú, ẹ gba dókítà láyè kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá yọ̀ǹda nìkan ló máa sọ. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa: láti àwọn ọdún 1950 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró, l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ tún bá wọn ṣàdéhùn kan ṣáájú. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, a ò ní dúró de ìṣọ́ òru. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n wá ọkọ̀, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tó máa tẹ̀ lé yín lọ.