Ẹ Má Gba Nọ́ńbà Káàdì Sínú Ímeèlì Akápò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ wa fẹ́ ṣe wẹ́bùsáìtì tí yóò ní kàlẹ́ńdà ètò, ibi tí wọ́n á ti máa wo ìsìn láìfù, ìkéde, àti ibi tí wọ́n á ti máa dá ọrẹ. Ẹni tó ń bá wa ṣe é ní òun á ṣe fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ìjọ á kọ nọ́ńbà káàdì wọn sí, tí á sì lọ tààrà sí ímeèlì akápò, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ owó lára ọrẹ. Ó ní kò séwu, torí àgádágodo wà lókè ojú ewé. Kí ló tún kù tó yẹ ká mójú tó?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dá iṣẹ́ fọ́ọ̀mù yẹn dúró. Àwọn ohun mẹ́ta yòókù kò le rárá. Kí kàlẹ́ńdà orí wẹ́bùsáìtì máa fa ètò jáde láti inú kàlẹ́ńdà kan náà tí ọ́fíìsì ìjọ ń lò, torí bí ẹ bá ń kọ ọ́ síbi méjì, kò ní pẹ́ tí aago ìsìn yóò fi yàtọ̀ síra. Kí ìkéde kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò kúrò lójú ewé fúnra rẹ̀. Ní ti láìfù, ẹ má gbé fídíò sórí sáfà tiyín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bùsáìtì yín ń gbé lórí rẹ̀, nítorí bí èrò bá pọ̀ tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wẹ́bùsáìtì yóò dákú. Ẹ jẹ́ kí YouTube gbé e, kí ojú ewé yín kàn máa fi í hàn. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì yín rọ́pò `CHANNEL_ID` nínú línkì yìí, láìfù tó bá ń lọ lọ́wọ́ ló máa gbé jáde, ẹ kò ní máa pààrọ̀ línkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀:

```
https://www.youtube.com/embed/live_stream?channel=CHANNEL_ID
```

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, òun ló ká mi lára jù, nítorí irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́.

Àgádágodo yẹn kì í ṣọ́ owó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láti orí fóònù ẹni tó ń dá ọrẹ títí dé sáfà yín. Tó bá ti débẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó dà bí ọkọ̀ ìhámọ́ra tó gbé owó dé, tó wá dà á sílẹ̀ sí gbàgede. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé nọ́ńbà káàdì ìyá kan látìgbà tó bá ti tẹ bọ́tìnì. Fọ́ọ̀mù á tọ́jú ẹ̀dà kan sórí sáfà. Á fi òmíràn ránṣẹ́ sínú ímeèlì akápò, ibẹ̀ sì ni gbogbo nọ́ńbà ọ̀hún, ọjọ́ tí káàdì yóò kú, àti nọ́ńbà 3 tó wà lẹ́yìn káàdì yóò ti hàn gedegbe bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ̀dà kan á tún wà lórí fóònù akápò, òmíràn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá rìnrìn àjò, á fi ránṣẹ́ sí igbákejì rẹ̀ kó lè bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀dà tuntun sì ti wọ fóònù ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù ímeèlì kan ṣoṣo nínú wọn ti gba káàdì gbogbo ìjọ.

Owó tí wọ́n ní ẹ ò ní san ńkọ́? Ẹ ó san án. Nọ́ńbà káàdì tó wà nínú ímeèlì kì í di owó fúnra rẹ̀. Akápò ní láti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ báńkì tàbí ti ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni gbowó káàdì, wọ́n á sì yọ tiwọn. Ewu nìkan lẹ fi kún un.

Òfin sì wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ńláńlá, tí Visa àti Mastercard wà lára wọn, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní PCI DSS, tó ti wà láti ọdún 2004. Ìlànà náà sọ pé tí báńkì bá ti fọwọ́ sí ìsanwó, ẹnikẹ́ni tó ń gba owó kò gbọ́dọ̀ tọ́jú nọ́ńbà 3 ẹ̀yìn káàdì pa mọ́, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi kóòdù bò ó. Ẹ̀dà tó sùn sínú ímeèlì ti tàpá sí i. Òfin ìlú yín lórí àṣírí àwọn ènìyàn lè fi tirẹ̀ kún un. Ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè, n kì í ṣe agbẹjọ́rò.

Ohun tó tọ́ ni kí bọ́tìnì ọrẹ gbé ènìyàn lọ sójú ewé ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó káàdì, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sọ́dọ̀ yín. Sáfà yín kò ní fojú kan káàdì rárá. Àdírẹ́sì òkè yóò yí padà lójú ẹni tó ń dá ọrẹ, ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn àgbàlagbà níbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sókè bọ́tìnì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí àkáǹtì tí owó ń wọ̀ jẹ́ ti ìjọ, kó má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan.

Ẹ tún kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é pé ojú ewé "A dúpẹ́" kì í ṣe ẹ̀rí pé owó wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì ojú ewé yẹn lè ṣí i láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀rí ni iṣẹ́ tí sáfà ilé-iṣẹ́ náà máa ń rán sí sáfà yín, tó ní àmì ìdánimọ̀ tiwọn. Wọ́n lè rán iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kí sáfà yín fi nọ́ńbà ìsanwó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọrẹ kan má bàa di méjì.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún ìjọ. Àwọn olè tó ti jí káàdì fẹ́ràn ojú ewé ọrẹ, nítorí kò sí ọjà tí wọ́n á kó ránṣẹ́, iye owó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó. Wọ́n á fi owó táṣẹ́rẹ́ dán káàdì kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n á lọ fi rajà níbòmíràn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ní òru kan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọrẹ kéékèèké á máa rọ́ wọlé léraléra, báńkì á kọ èyí tó pọ̀ jù, orúkọ àwọn tó ń dá a kò sì ní jọ ti ìjọ yín. Ẹ má yọ̀ o. Àwọn tó ni káàdì á gba owó wọn padà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó á bu owó ìtanràn lé yín lórí, wọ́n sì lè ti àkáǹtì yín pa. Ẹ fi iye tó kéré jù lélẹ̀ tí ọrẹ kò gbọ́dọ̀ dín sí, ẹ fi àyẹ̀wò pé ènìyàn ni kì í ṣe ẹ̀rọ sí i, ẹ sì dín iye ìgbà tí ẹnì kan lè gbìyànjú láàárín wákàtí kan kù. Wọ́n á ṣì máa wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn á wá ibòmíràn lọ.

Tí fọ́ọ̀mù yẹn bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ mú un kúrò lónìí. Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ pe báńkì yín, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n nílò fún ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ lórí sáfà, nínú ímeèlì, níbi tí ímeèlì tí wọ́n pa rẹ́ máa ń sùn sí, àti lórí fóònù ẹnikẹ́ni tí akápò ti fi ránṣẹ́ sí. Ẹ sì sọ fún àwọn tó ti kọ káàdì wọn síbẹ̀ kí wọ́n gba káàdì tuntun, bó tilẹ̀ ti yín lójú.