Má tíì fọwọ́ kan imú màmá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ àwòrán àbùmọ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n fẹ́ gbé e sí férémù. Sẹ́lífì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́. Imú ló tóbi jù lójú màmá, òun ni mo fẹ́ bù mọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di èébú. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó yẹ kí n dúró?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ta ló sọ fún ẹ pé imú màmá tóbi? Sẹ́lífì ló sọ fún ẹ, sẹ́lífì kì í sì í sọ òótọ́ nípa imú. Nígbà téèyàn bá na ọwọ́ ya ara rẹ̀, imú ló sún mọ́ kámẹ́rà jù, nítorí náà òun ló máa fẹ̀ jù. Àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 2018, torí àwọn èèyàn ń gbé sẹ́lífì wá bá wọn pé kí wọ́n bá àwọn dín imú kù. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí fóònù bá wà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà síni lójú, imú máa ń fẹ̀ tó ìdá 30 nínú 100 ju bó ṣe yẹ lọ. Tí fóònù bá ti jìnnà tó mítà kan àtààbọ̀, àbùmọ́ yẹn ò sí mọ́. Ìyẹn ni pé kámẹ́rà ti bù mọ́ imú màmá kí ìwọ tó mú pẹ́ńsù. Tí ìwọ náà bá tún wá bù ú mọ́, kí lo rò pé ó máa dà?

Wo etí màmá nínú fọ́tò náà. Tí etí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ tán, tí ọrùn tínrín lábẹ́ orí ńlá, wọ́n sún mọ́ ọn jù nígbà tí wọ́n yà á nìyẹn. Má fi ya nǹkan kan. Ní kí ọmọ rẹ̀ dúró ní mítà 2 sí i, kó fi kámẹ́rà fa ojú súnmọ́, kó má fi ẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ọn. Kó ya ọ̀kan tí màmá kọjú síwájú gbọnrangandan, ọ̀kan tó fẹ̀gbẹ́ hàn, ọ̀kan tó ń rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọmọdé kọ́ wọn níṣẹ́ yìí, gbogbo ẹ̀kọ́ wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: wá ohun tó tóbi jù lójú oníbàárà, kó o sọ ọ́ di ńlá. Ibẹ̀ gan-an ni èébú ti ń wá. Bí nǹkan ṣe tóbi tó kọ́ là ń bù mọ́. Ìyàtọ̀ là ń bù mọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ẹni yìí àti ojú alábọ́dé àwọn tó jọ ọ́ lọ́jọ́ orí àti níran. Ojú alábọ́dé ni èyí tó o máa rí tó o bá kó ìwọ̀n ojú ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, tó o sì pín in. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Susan Brennan, kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya irú àwòrán yìí, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1985. Kò sí idán kankan níbẹ̀: ètò náà á gbé ojú èèyàn lé ojú alábọ́dé, á wo ibi tí méjèèjì ti yà sọ́tọ̀, á sì sọ ìyàtọ̀ yẹn di púpọ̀. Ibi tí wọn kò ti yàtọ̀ kò ní yí padà, ì báà tóbi bí ilé.

Wá bi ara rẹ, alábọ́dé ti ta lo wá ń lò? Ọ̀pọ̀ ìwé àti fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ojú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Tó o bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ojú ọmọ Yorùbá, gbogbo wa pátá ni imú wa máa "fẹ̀", tí ètè wa máa "nípọn". O ó wá ya tíṣà, o ó ya aláṣọ òkè, o ó ya bíṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn á ní imú kan náà àti ètè kan náà. Kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni lo yà yẹn. Àwòrán tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti fi aláwọ̀ dúdú ṣẹlẹ́yà ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn lo tún yà. Màmá lè má mọ ìtàn yẹn, àmọ́ tó bá rí i, ara rẹ̀ á sọ fún un.

Òṣùwọ̀n tìrẹ ni kó o ṣe. Kó fọ́tò obìnrin bíi 10 jọ, kí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ ti màmá, nítorí ojú ẹni 60 ọdún kì í ṣe ojú ẹni 30. Imú àti etí máa ń gùn sí i bí a ṣe ń dàgbà. Ibi tó rọrùn jù láti rí wọn ni ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ètò ọjọ́ ìbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fọ́tò sítúdíò ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n yà á láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì kọjú síwájú dáadáa. Nítorí gèlè, má fi ìbẹ̀rẹ̀ irun tàbí àtàrí ṣe ìwọ̀n, o ò ní rí i. Fa ìlà kan gba àárín ẹyinjú méjèèjì, tún fa òmíràn sábẹ́ àgbọ̀n, kó o sì tẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan jáde débi tí àárín ìlà méjèèjì á fi jẹ́ 100 mílímítà géérégé. Lẹ́yìn náà, rúlà lásán ti tó.

Èyí ni ti ìyá kan tí mo yà, òun náà ti lé ní 60. Lára àwọn fọ́tò tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n, láti ìlà ojú dé ìsàlẹ̀ imú jẹ́ 41 mílímítà, láti ìsàlẹ̀ imú dé ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé jẹ́ 20, láti ibẹ̀ dé àgbọ̀n jẹ́ 39. Àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì jẹ́ 29, imú sì fẹ̀ ní 37. Ti ìyá tí mo yà yẹn wá jẹ́ 36, 25 àti 39. Àlàfo ojú rẹ̀ jẹ́ 34, imú rẹ̀ 38. Ṣé o rí i? Imú tí gbogbo ilé ń sọ fi mílímítà kan péré ju ti ẹlòmíràn lọ, ìyẹn ò tó nǹkan tí rúlà lè ṣì wọ̀n. Lórí sẹ́lífì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, imú yẹn kan náà jẹ́ 46! Ohun tó jẹ́ kí màmá jẹ́ màmá ni pé imú rẹ̀ kúrú, àárín imú sí ẹnu rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì jìnnà síra.

Mo sọ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì. Ojú sí imú di 31, imú sí ẹnu di 30, ẹnu sí àgbọ̀n dúró ní 39. Àlàfo ojú di 39. Fífẹ̀ imú nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní 38, nítorí ìyàtọ̀ mílímítà kan kò tó bù mọ́. Kíyè sí i pé àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 100: ohun tí mo fi kún àárín imú sí ẹnu, lára gígùn imú ni mo ti yọ ọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tó o bá fi kún ibì kan láìyọ níbòmíràn, gbogbo ojú ló máa wú, èèyàn á sì rò pé àìsàn lo yà.

Ìlọ́po méjì tó fún férémù tí wọ́n máa gbé kọ́ pálọ̀. Fún àgbàlagbà tí kì í bá èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni mo máa ń dúró sí. Ìlọ́po mẹ́ta, fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń ya ara wọn lóde àríyá. Ìyàtọ̀ tí kò bá tó mílímítà 2, fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ti tutù jù, kó lọ wo ohun tí Charles Philipon, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan, ṣe fún Louis-Philippe, ọba ilẹ̀ Faransé, ní 1831. Kò bá imú ọba ṣeré. Bí orí ọba ṣe rí lápapọ̀ ló mú, tóóró lókè, gbàgìdì nísàlẹ̀, títí tó fi di èso píà. Gbogbo Párísì mọ ẹni tó ń bá wí, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ó fẹ́ bú ọba, ó sì bú u. Ìwọ ò bá màmá jà.

Àwọn nǹkan kan wà tí rúlà kò ní sọ fún ẹ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ojú tàbí ara kì í ṣe ara ohun tí à ń bù mọ́: àpá, ojú tó fọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú látàrí àìsàn, eyín tó ti yọ, ìka ọwọ́ tó dúdú torí ìpara abóra. Tí màmá bá kọ ilà, yà á bó ṣe wà, iye rẹ̀ àti ìtò rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. Má fẹ̀ ẹ́, má sì pa á rẹ́, nítorí ìdílé lè ka èkejì sí èébú ju èkínní lọ. Èjí, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn kó hàn gbangba. Síbẹ̀, bi ọmọ rẹ̀ léèrè kó o tó fi ṣeré.

Ìlà ìhunjọ ojú náà ńkọ́? Ìlà dúdú lórí bébà funfun máa ń jìn ju bó ṣe wà lára awọ lọ. Fi èyí tí ẹ̀rín ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àti igun ojú sílẹ̀, yọ ìyókù. Má sì fọwọ́ kan ìwò ojú rẹ̀. O lè fa àlàfo ojú dé ibi tó bá wù ẹ́, tí ojú fúnra rẹ̀ bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, wọn kò ní bínú sí ẹ.

Tó o bá ti fi pẹ́ńsù yà á tán, fi han ẹnì kan tó mọ màmá dáadáa, má sì sọ orúkọ. Tó bá kọ́kọ́ pe màmá, kó tó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ti dáa. Tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tó wá ń béèrè pé "ta rèé?", padà sídìí rúlà, ohun tó o bù mọ́ kì í ṣe ti màmá.

Èmi ò rí màmá o, nítorí náà má sọ pé èmi ni mo ní kó o ṣe báyìí tí ilé bá gbaná. Ẹni tó ń sanwó kọ́ lo ń yà. Fi iṣẹ́ pẹ́ńsù ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, kó fèsì lórí fóònù pé òun fara mọ́ ọn, kó o tọ́jú èsì yẹn, kó o tó fi kọ́lọ̀ sí i. Tó bá sì ní sẹ́lífì yẹn nìkan lòun ní, tí kò lè ya òmíràn, dá owó àsansílẹ̀ rẹ̀ padà fún un.