Àmì tí wọ́n fi ń ṣa ẹ̀gẹ́ tí àrùn ò lè mú: kí ló túmọ̀ sí?

*Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ másítà nínú ìmọ̀ jíìnì ewéko. Wọ́n ní àmì ni ká máa fi ṣa irúgbìn tí àrùn ò lè mú. Ṣé àmì yìí gan-an ni jíìnì tó ń gba ewéko lọ́wọ́ àrùn?*

Rárá o. Àmì jẹ́ ibì kan tí láàbù lè kà lórí okùn jíìnì, tó sún mọ́ jíìnì tí à ń wá débi pé àwọn méjèèjì sábà máa ń jọ wọ ara ọmọ.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́ àti àrùn mòsáíìkì tó ń sọ ewé rẹ̀ di alábàwọ́n, tó sì ń lọ́ ọ pọ̀. TME3, ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà, ní jíìnì tí wọ́n ń pè ní CMD2. Bí ọmọ bá jogún ẹyọ kan péré, ó tó o. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kéde àmì méjì tó há CMD2 sáàárín: SSRY28 ní sẹntimógàn 9, GY1 ní 8 lápá kejì. Sẹntimógàn 9 ni pé nínú 100 ọmọ, àmì àti jíìnì máa ń pínyà lára nǹkan bíi 9.

Ká ní ẹ gba ẹ̀gẹ́ tó ní ẹyọ CMD2 kan, ẹ fi gùn èyí tí kò ní, ẹ sì gbin 200 èso. Nǹkan bíi 100 yóò ní SSRY28, ṣùgbọ́n bíi 9 nínú wọn kò ní CMD2 rárá. Bí ẹ bá ní àfi èyí tó ní àmì méjèèjì, nǹkan bíi 84 ló máa kù, ayédèrú inú wọn kò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ó pàdánù bíi 16 tó dára. Mo fara mọ́ àdánù yẹn, torí èso kò wọ́n tó ilẹ̀ àti ọdún tí ẹ̀gẹ́ aláìsàn máa jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ òbí méjèèjì wò. Bí òbí tí àrùn ń mú bá ní irú àmì kan náà, àmì yẹn kò wúlò fún ìgùn yẹn. Ewé tó kéré jù ni kí ẹ já, ẹ sì kọ nọ́ńbà sí àpò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí èsì bá gbé ohun tí òbí kankan kò ní jáde, nọ́ńbà ti dàrú nìyẹn, tàbí kí kòkòrò ti gbé àtíkè òdòdó mìíràn wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbìn wọ́n síbi tí àrùn ti gbilẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní máàkì láti 1 (kò sí àrùn) dé 5 (àrùn líle). Bí púpọ̀ nínú àwọn tó ní àmì méjèèjì bá gba 4 tàbí 5, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì yẹn mọ́ nínú ìdílé náà. Ní Kòlóńbíà, níbi tí àjọ CIAT ti ṣa ẹ̀gẹ́ fún Áfíríkà, àrùn yìí kò sí láti fi dán an wò. Ìdí nìyí tí àmì fi wúlò gan-an fún wọn.

CMD2 kò sì gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àrùn tó ń sọ iṣu rẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ìyẹn nílò jíìnì àti àmì mìíràn.